"Àdìrẹ" kọ́ ni ìtàn: bí o ṣe lè kọ àbá tí olóòtú máa gbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, mò ń kọ̀wé fúnra mi, mi ò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan. Mo fẹ́ kọ nípa àdìrẹ fún magasíìnì, mo sì ti fi àbá náà ránṣẹ́. Olóòtú kan ò dá mi lóhùn rárá, èkejì ní ó dùn-ún kà ṣùgbọ́n òun ò rí ìtàn níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní ìtàn gan-an, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà á? Ẹ ṣé mà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, olóòtú kejì yẹn ṣe ẹ́ lóore gan-an o, torí púpọ̀ nínú wọn ò ní ráyè sọ nǹkan kan fún ẹ. Mo ti jókòó sídìí iṣẹ́ olóòtú fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì tún ń kọ fún àwọn ẹlòmíì títí dòní, nítorí náà mo mọ bó ṣe máa ń rí lápá méjèèjì. Ohun tó máa ń kún inú ímeèlì olóòtú láàárọ̀ Mọ́ńdè ni "mo fẹ́ kọ nípa àdìrẹ", "mo fẹ́ kọ nípa dánfó", "mo fẹ́ kọ nípa jápa". Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ní òun fẹ́ aṣọ, ó sì dákẹ́. Àdìrẹ wà lésìí, ó ṣì máa wà lámọ́dún, olóòtú ò wá mọ ìdí tóun fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù yìí, kò mọ ta ni wọ́n máa bá pàdé nínú rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà.

Ìtàn ni pé ẹnìkan ń fẹ́ nǹkan, nǹkan míì wá dí i lọ́nà tàbí ó yí i padà, ó sì ń ṣẹlẹ̀ níbì kan tí a lè lọ dúró sí ká fojú ara wa rí i. Igun tó o ti fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà ni olóòtú ń wá nínú ímeèlì ẹ, ìyẹn ni pé nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè sọ nípa àdìrẹ, èwo pàtó ni ìwọ fẹ́ sọ, kí sì ni ìbéèrè tó o fẹ́ lọ wá ìdáhùn sí. Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ohun tó o kọ bá lè parí sórí "mo fẹ́ kọ nípa" pẹ̀lú orúkọ nǹkan kan, o ò tíì débẹ̀. Tó bá di ìbéèrè tí èèyàn méjì tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ máa dáhùn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwọ fúnra ẹ ò sì tíì mọ ìdáhùn ẹ̀ délẹ̀, o ti ń súnmọ́ ọn.

Ó dáa, jẹ́ ká mú àdìrẹ ẹ yẹn gan-an, torí pé Abẹ́òkúta lo wà, ọjà Ìtòkú ò sì jìnnà sí ẹ, èyí tí àwa tá a wà l'Ékòó máa san owó mọ́tò ká tó débẹ̀. Kó o tó kọ ohunkóhun, lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Má tíì yọ ìwé jáde. Ra nǹkan kékeré, jókòó, wo bí wọ́n ṣe ń tajà. Ohun tó o máa rí, tó bá jẹ́ pé o fara balẹ̀ wò, ni pé oríṣi aṣọ méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, yálà wọ́n fi ìko dì í, tàbí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ra, tàbí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ, tàbí èyí táwọn ọ̀dọ́ ń ṣe báyìí tí wọ́n ń fi fóòmù tí wọ́n gé ní àwòrán ti àbẹ́là yíyọ́ bọ aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí lára, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà.

Ṣí aṣọ náà sódì wò. Èyí tí wọ́n rì sínú aró, aró náà máa ń gbà á já dé ẹ̀yìn, tinú tòde á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sábà máa ń ṣì, kì í gbà á tó ti iwájú. Wo àwòrán ẹ̀ náà. Tọwọ́ ò lè rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìlà kan á tẹ̀ díẹ̀, ibì kan á dúdú ju ibì kan lọ, ibi tí àbẹ́là ti sán á fi ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín sílẹ̀. Ti ẹ̀rọ á tún ara ẹ̀ ṣe gẹ́lẹ́, ọ̀pá dé ọ̀pá. Mò ń sọ gbogbo èyí torí pé irú nǹkan báyìí tó o fọwọ́ ara ẹ dì mú ló máa wọ inú àbá ẹ, òun ló sì máa jẹ́ kí olóòtú mọ̀ pé o ti débẹ̀, pé kì í ṣe Gúgù lo lọ kà.

Lẹ́yìn náà bá èèyàn sọ̀rọ̀. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Wá ẹni tó ń tajà, wá aláró kan nínú agboolé tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, tó bá sì ṣeé ṣe, wá oníbàárà tó wá rà á lọ s'Ékòó. Ohun tí mo máa ń bi èèyàn nírú àsìkò yẹn kò le rárá: kí ló ti yí padà, ta ló ń pàdánù, ta ló ń jèrè, ta ló máa ní irọ́ lẹ ń pa tó bá gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń mú mi dé ibi tí ìtàn wà, torí pé tí gbogbo ènìyàn bá ń sọ ohun kan náà, ìkéde nìyẹn, olóòtú ò sì ní í fi ojú ìwé mẹ́rin tẹ ìkéde jáde fún ẹ.

Má ṣe gbogbo iṣẹ́ tán o. Kò tíì sẹ́ni tó san owó fún ẹ. Gbogbo ohun tó o ń wá lọ́jọ́ náà ni kó dá ẹ lójú pé ìtàn náà wà lóòótọ́, pé àwọn tó o fẹ́ kọ nípa wọn máa gbà láti bá ẹ sọ̀rọ̀, àti ohun kan tàbí méjì tó o fojú rí. Èyí tó kù, tí wọ́n bá ti gbà á, o máa padà lọ. Mo mọ àwọn tó máa ń kọ odindi àròkọ kí wọ́n tó wá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, tí magasíìnì kan bá wá ní igun míì lòun fẹ́, wọ́n á máa jà torí ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ká ní ohun tó o bá bọ̀ láti Ìtòkú wá nìyí, pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá ẹ̀ jẹ́ aláró, ìyá ìyá ẹ̀ náà jẹ́ aláró, ṣùgbọ́n òun ń ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ èyí tí ìyá ẹ̀ ṣe, lórí pákó kan náà, torí pé èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ yẹn dín lówó púpọ̀, àwọn tó ń wá ra ankò fún èèyàn rẹpẹtẹ ò sì lè ra tọwọ́. Ìyá ẹ̀ ń bínú. Obìnrin náà sì ní ọmọ tó fẹ́ rán nílé ìwé. Ṣé o rí i báyìí? Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "àṣà wa ń kú lọ", tí olóòtú ti kà láìmọye ìgbà, ó ti di ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, kò sì sí ìkankan nínú wọn tá a lè sọ pé kò ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò. Ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀ ni pé, ta ló ń kó àdìrẹ ẹ̀rọ wọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ gan-an, kí ló sì fà á tó fi jẹ́ àwọn ọmọ aláró ló ń tà á? Ìyẹn ni igun. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ o. Tó bá jẹ́ pé ohun tó o rí níbẹ̀ yàtọ̀, ohun tó o rí yẹn ni kó o kọ, má lọ fi èèyàn inú àpẹẹrẹ mi rọ́pò èèyàn gidi torí pé mo sọ ọ́ níbí.

Ó ṣeé ṣe kó o rí igun míì lọ́jọ́ kan náà. Àwọn aláró ń fi kọ́sítíìkì sódà po aró, ó máa ń jó ọwọ́, omi ẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Ìtàn gidi nìyẹn náà, ṣùgbọ́n ti magasíìnì ìlera tàbí ti àyíká ni, kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ nípa aṣọ àti ìgbé ayé. Fi í pamọ́, o máa kọ àbá ẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Ohun tó máa ń ba àbá jẹ́ jù lọ ni kéèyàn fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹyọ kan, aró, ìlera, Ṣáínà, ìtàn àwọn Ẹ̀gbá, obìnrin àti okòwò. Olóòtú máa kà á dé ìdajì, ó máa bi ara ẹ̀ pé èwo gan-an ni ká dì mú.

Ìtàn àtijọ́ tilẹ̀ wà tó máa gbé èyí tó o mú yẹn ró dáadáa. Láàrin àwọn ọdún 1930, Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá kejì, fòfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró inú agolo táwọn òyìnbó ń kó wá, torí wọ́n ní ó ń ba iyì àdìrẹ Abẹ́òkúta jẹ́ lójú àwọn oníbàárà. Àwọn obìnrin aláró ò gbà, wọ́n bá ìjọba Aláké fa ọ̀rọ̀ náà gan-an, torí pé nǹkan tuntun yẹn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yá, kó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tí èyí ṣe fún àbá ẹ ni pé ó yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Nígbà yẹn àwọn aláró ló ń gbèjà ohun tó dé láti òkè òkun, àwọn tó wà lókè ló ń sọ pé ayédèrú ni. Lónìí aláró ló ń pe aṣọ ẹ̀rọ ní ayédèrú. Olóòtú tó bá ka gbólóhùn kan péré lórí ìyẹn á mọ̀ pé ẹni yìí mọ ohun tó ń sọ. Gbólóhùn kan o, méjì tó bá pọ̀ jù. Má sọ ọ́ di lẹ́kíṣọ̀.

Ó wá ku bí wàá ṣe kọ ọ́. Ímeèlì ni, inú ímeèlì gan-an ni kó o kọ ọ́ sí, má so fáìlì mọ́ ọn, torí púpọ̀ nínú àwọn olóòtú ò ní í ṣí fáìlì ẹni tí wọn ò mọ̀. Kó má ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 sí 300 lọ. Èdè tí magasíìnì náà ń lò ni wàá fi kọ ọ́, torí olóòtú ń fi lẹ́tà yẹn wo ọwọ́ ẹ náà, ó ń wò ó pé ṣé ẹni yìí mọ gbólóhùn kọ. Mo kọ èyí ní Yorùbá kó o lè rí bó ṣe tò:

Àkọlé ímeèlì: ÀBÁ ÌTÀN: Àwọn ọmọ aláró tó ń ta àdìrẹ ẹ̀rọ ní Ìtòkú

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.

Lórí pákó kan ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, aṣọ méjì wà tó ní àwòrán kan náà. Ọ̀kan, ìyá ẹni tó ń tà á ló fọwọ́ pa á láró. Èkejì, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà, òun ló sì ń tà jù. Ọmọ náà ní tóun bá dúró lórí tìyá òun nìkan, òun ò ní lè san owó ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ẹ̀ ní ọmọ òun ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa iṣẹ́ ilé àwọn.

Mo fẹ́ kọ ìtàn tó máa tọ aṣọ ẹ̀rọ yìí lẹ́yìn láti orí pákó yẹn padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó o wọlé, kí n lè mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ àdìrẹ ló tún ń ta èyí tí kì í ṣe àdìrẹ. Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń pè ní ojúlówó kò tuntun níbẹ̀: láàrin àwọn ọdún 1930, Aláké fòfin de aró òyìnbó, àwọn aláró ló sì ta kò ó.

Àsìkò ẹ̀ ni Disẹ́ńbà, nígbà táwọn èèyàn ń ra ankò, táwọn ọmọ wa láti òkè òkun ń wálé tí wọ́n sì ń ra àdìrẹ padà lọ láìmọ èyí tí wọ́n rà.

Ìyá àti ọmọ náà ti gbà láti bá mi sọ̀rọ̀. Mo tún máa bá ẹni tó ń kó aṣọ náà wọlé sọ̀rọ̀, àti àwọn oníbàárà méjì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ 1,800 á gbà á, mo sì lè fi í ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́rin sígbà tẹ́ ẹ bá gbà á. Mo rí i pé ẹ kọ nípa àwọn tó ń fi àdìrẹ rán aṣọ ìgbàlódé lọ́dún tó kọjá. Èyí yàtọ̀ sí i torí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á lọ́jà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Iṣẹ́ méjì tí mo ti kọ wà nísàlẹ̀ yìí."

Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó o sì wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "orúkọ mi ni lágbájá, mo fẹ́ràn ìwé kíkọ láti kékeré". Kò sí "àdìrẹ jẹ́ ohun àjogúnbá pàtàkì". Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gbé olóòtú lọ sí ọjà, ó fi èèyàn méjì àti ìjà wọn hàn án. Ẹsẹ̀ kejì ló sọ ìbéèrè. Èyí tó sọ nípa Disẹ́ńbà ló dáhùn ohun tí gbogbo olóòtú máa ń bèèrè nínú ara wọn, pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí. Kò sì sọ ìdáhùn. "Kí n lè mọ ìdí" ló sọ, kò ní "mo fẹ́ fi hàn pé àwọn ará Ṣáínà ń pa wá". Ẹni tó bá ti ní ìdájọ́ lọ́wọ́ kó tó lọ ṣe ìwádìí máa ń kó olóòtú láyà jẹ, torí ilé ẹjọ́ lè wà lẹ́yìn ẹ̀.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kó o dì mú dáadáa, "ti gbà láti bá mi sọ̀rọ̀". Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàrin ẹni tó ti gbà àti ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀, wo bí mo ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú lẹ́tà yẹn. Tó o bá kọ ọ́ pé oníṣòwò tó ń kó aṣọ wọlé ti gbà, tí wọ́n wá fún ẹ níṣẹ́, tí ẹni náà wá ní òun ò sọ nǹkan kan, ìwọ ni wàá lọ ṣàlàyé fún olóòtú, ojú ìwé ti ṣófo, ó sì ṣòro kí irú olóòtú bẹ́ẹ̀ tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ, sọ èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á fọkàn tán ẹ sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ẹ kọ nípa àwọn tó ń rán aṣọ lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe àpọ́nlé lásán. O gbọ́dọ̀ ka magasíìnì náà kó o tó kọ̀wé sí wọn. Kó bíi ẹ̀dà mẹ́ta jọ, tàbí kó o lọ sórí wẹ́ẹ́bù wọn, wo àwọn tó ń kọ síbẹ̀, torí nínú àwọn magasíìnì kan, apá iwájú fún àwọn nǹkan kéékèèké tí kò ju ọ̀rọ̀ 300 tàbí 500 lọ ni, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló sì ń kọ èyí tó gùn láàárín. Apá iwájú yẹn ló máa ń rọrùn jù fún ẹni tuntun láti wọlé. Tó bá jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ẹ́ rí, o tilẹ̀ lè gé igun yìí kù, kó di ọ̀rọ̀ 500 lórí bí oníbàárà ṣe lè fi ẹ̀yìn aṣọ mọ tọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, láti ẹnu ìyá aláró yẹn. Wọ́n á mọ ọwọ́ ẹ, ìgbà míì wàá wá gbé èyí tó gùn wá. Wá orúkọ olóòtú tó ń rí sí apá tó o fẹ́ kọ sí náà, orúkọ ẹ̀ máa ń wà lójú ìwé tí wọ́n to àwọn òṣìṣẹ́ sí, kó o sì kọ orúkọ náà dáadáa. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "sí ẹni tó bá kàn", mi ò ní pa irọ́ fún ẹ, ó máa ń jẹ́ ká rò pé ogún ilé iṣẹ́ ló fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àsìkò tó o fi ń ránṣẹ́ náà ṣe kókó. Magasíìnì tí wọ́n ń tẹ̀ lóṣooṣù kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Disẹ́ńbà nínú Disẹ́ńbà, wọ́n ti máa ń to ojú ìwé ẹ̀ lóṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, àwọn ńlá ńlá lókè òkun lè fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà àbá Disẹ́ńbà yìí yẹ kó ti wà lọ́dọ̀ wọn ní Júláì tàbí Ọ́gọ́ọ̀sì. Tó o bá fi í ránṣẹ́ ní Nòfẹ́ńbà, ó lè dára títí, wọn ò ní lè ṣe nǹkan kan sí i. Ti orí wẹ́ẹ́bù yàtọ̀, àwọn lè gbà á kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Tí wọn ò bá dáhùn, dúró tó ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ sí méjì, kó o tún kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe tuntun, kó lè rí méjèèjì pa pọ̀. Ohun tí mo máa ń kọ ni "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo ní kí n rán yín létí àbá yìí. Tí n kò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín títí di Fúráìdè tó ń bọ̀, mo máa fún àwọn míì, màá sì tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí yín." Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, ó sì fún ìwọ náà lómìnira láti gbé e lọ síbòmíì lẹ́yìn Fúráìdè yẹn. Má lọ wá nọ́ńbà olóòtú kó o máa pè é lórí Wáṣáàpù. Fífi àbá kan náà ránṣẹ́ síbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ò dáa tí ìtàn náà ò bá jẹ́ ohun tó máa tutù lọ́la, torí tí ilé iṣẹ́ méjì bá gbà á, o máa ba ọ̀kan nínú jẹ́. Fún ọ̀kan, fún un ní ọjọ́, lẹ́yìn náà kọjá sí èkejì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí bóyá olóòtú ò ní jí àbá àwọn. Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: "àdìrẹ ń kú lọ", ẹnikẹ́ni lè mú ìyẹn fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ kọ. Ìyá àti ọmọ tó ti gbà láti bá ìwọ nìkan sọ̀rọ̀ ní agboolé tí ìwọ nìkan mọ̀ ńkọ́? Bí igun ẹ bá ṣe ṣe pàtó tó, tó sì ti so mọ́ ẹsẹ̀ tó o ti rìn tó, ni yóò ṣe nira tó fún ẹlòmíì láti ṣe é. Ẹni tó ń bẹ̀rù, tó wá ń fi nǹkan pamọ́ nínú lẹ́tà, tó ń kọ ọ́ ní "mo ní ìtàn àràmàǹdà kan nípa ọjà kan", olóòtú kì í pè é padà.

Ká ní ó dáhùn pé ó wu òun. Ìdáhùn náà lè wá lóríṣi méjì, ó sì yẹ kó o mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan ni "a gbà á, kọ ọ́ wá", iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n ti gbé e fún ẹ. Èkejì ni "kọ ọ́ wá ká kọ́kọ́ wò ó", èyí ò tíì di iṣẹ́, tí kò bá wù wọ́n wọn ò ní san kọ́bọ̀ kan. Ẹni tuntun lè gba èkejì yẹn fún nǹkan kúkurú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 1,800 tó o máa fi ẹsẹ̀ rìn, tó o máa fi owó mọ́tò ṣe, ronú sí i dáadáa kó o tó gbà á lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, má tíì sáré lọ sí Ìtòkú. Kọ ímeèlì padà, bèèrè gbogbo ẹ̀ nínú ímeèlì kó lè wà lákọsílẹ̀: ọ̀rọ̀ mélòó ni wọ́n fẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ń retí ẹ̀, èló ni wọ́n máa san, ṣé ìgbà tí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà ni àbí ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde ni wọ́n máa san án. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yẹn lè jẹ́ oṣù bíi mélòó kan, ìyàwó ilé, ọkọ ilé, gbogbo wa la ní owó ilé tá a ń san. Bèèrè bóyá wọ́n ń san owó ìrìnnà àti ti ẹni tó máa ya fọ́tò, torí ìtàn aṣọ láìsí fọ́tò kò lè rìn. Bèèrè owó gbà-má-bínú náà, ìyẹn ni iye tí wọ́n máa fún ẹ tí o bá ti ṣe iṣẹ́ tán tí wọ́n wá pinnu pé àwọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń san án, ìdá kan nínú mẹ́rin owó iṣẹ́ náà ló wọ́pọ̀, ó sì tún máa ń jẹ́ kó o lè gbé ìtàn ẹ lọ fún ẹlòmíì. Kí o sì wo ohun tí ìwé àdéhùn sọ nípa ẹni tó ni iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ nìkan ni wọ́n gbà, o lè tún un tà síbòmíì tó bá yá. Tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀tọ́ ẹ̀ pátá, ó ti di tiwọn, kí owó náà sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Fi lẹ́tà tuntun tó o bá kọ ránṣẹ́ sí mi kó o tó fi í sọ́dọ̀ wọn, tó o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìtòkú ná, torí ohun tí màá kọ́kọ́ bi ẹ́ ni ohun tí aláró tó o bá pàdé níbẹ̀ sọ.